Ọ̀rọ̀ àdásọ fún ìdánwò àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ eré: tèmi ń dún bí ìtàn tí wọ́n ń kà

Àdùnní_Kọ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń múra ìdánwò àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ eré ìtàgé. Wọ́n ní kí oníkálùkù kọ ọ̀rọ̀ àdásọ tirẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 2 lọ, kó sì wá ṣe é lójú wọn. Mo ti kọ tèmi. Ọmọbìnrin kan ni, ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá ta máṣínnì ìránṣọ tí ìyá fi sílẹ̀. Mo fi fóònù wọn àkókò rẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú 4. Ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ ọ ní ńṣe ló dà bíi pé mò ń kàwé fún òun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

«Orúkọ mi ni Mọrẹ́nikẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá mi ṣàìsàn, ó sì kú. Aránṣọ ni. Máṣínnì rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ kan, mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti tà á. Inú mi bà jẹ́ gan-an ni…»

Kí ni kí n gé, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ọ̀nà_Kan_Ò_Wọjà

Arábìnrin, má kọ nǹkan kan fúnra rẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ eré kì í gba ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Inú ìwé eré tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń mú un, ọ̀kan láti ayé àtijọ́, ọ̀kan láti òde òní. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi nígbà tèmi nìyẹn. Ojú mi ló ṣe tí wọ́n dá ẹnì kan dúró, wọ́n bi í léèrè ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun ni, wọ́n ní kó mú òmíràn wá. Kò ní òmíràn.

Àdùnní_Kọ̀wé

Ẹ ṣé, sà. Mo tún ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ kà nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ó wà níbẹ̀ kedere pé kí a kọ ọ́ fúnra wa. Ti inú ìwé eré wà lọ́tọ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gbọ́ ìyẹn.

Àgbà_Ìtàgé

Ọ̀nà kò parọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ láti inú eré tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, ẹni tó bá sì gbé tirẹ̀ lọ síbẹ̀ ti rú òfin kó tó lanu. Ìwé tí wọ́n kọ sí ọ ni kó o tẹ̀ lé. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní kó o kọ ọ́, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó lẹ́yìn tábìlì níbi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdùnní, gígùn kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ. Bí o bá gé e sí ìṣẹ́jú 2, ìtàn náà ni yóò ṣì jẹ́, yóò kàn kúrú ni. Wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ìyá kú, máṣínnì ṣẹ́kù, ẹ̀gbọ́n tà á, inú bà jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ tán kí Mọrẹ́nikẹ́ tó lanu. Ìròyìn nìkan ló kù fún un láti ṣe. Èmi tí mo jókòó kò sì lè mọ̀ bóyá o mọ eré í ṣe, torí o kò kọ eré kankan fún ara rẹ.

Béèrè èyí lọ́wọ́ ara rẹ kó o tó kọ ìlà kan: ta ni Mọrẹ́nikẹ́ ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ń fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe, kí sì ni kò fi lè di ọ̀la? Inú ìtàn rẹ náà ni ìdáhùn wà. Ká ní ẹni tó ra máṣínnì ṣì wà níta, ó ń dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Mọrẹ́nikẹ́ ń fẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n jáde lọ dá ọkùnrin yẹn dúró kí ọkọ̀ tó ṣí. Ó kéré, ó ṣeé fojú rí, a ó sì mọ̀ bóyá ó rí i gbà. Bí o bá ní ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n mọ bí inú òun ṣe bà jẹ́ tó, a ò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìwọ náà ò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó o dákẹ́.

Wàyí o, yọ orúkọ, yọ ọjọ́-orí, yọ ọdún mẹ́ta, yọ àìsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ orúkọ rẹ. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kú. Ohunkóhun tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí a tún ń là á sílẹ̀ fún un, àwọn tó jókòó ni à ń là á fún, etí wọn a sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ìwé lò ń kà nìyẹn.

Ìlà àkọ́kọ́ gan-an ni kí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ti hàn. Bí àwọn tó wá bá pọ̀, a lè dá èèyàn dúró láàárín ìṣẹ́jú kìíní, kì í ṣe torí pé kò dára, a ti rí ohun tí à ń wá tàbí àkókò ti lọ ni. Ẹni tó bá tọ́jú èyí tó dùn jù dé ìparí, a lè má débẹ̀.

Ìyá_Tóbi

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ nípa ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kọ́ eré lẹ ń sọ? Tóbi mi kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Orúkọ àti ọjọ́-orí rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sọ bó ṣe fẹ́ràn eré láti kékeré, wọ́n sì pè é. Nítorí náà mi ò rí ohun tó burú nínú bí ọmọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Àgbà_Ìtàgé

Ẹ kú àmójútó ọmọ, mà. Lẹ́tà yẹn yàtọ̀. Tóbi ló ń sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà, àwọn olùdánwò ló sì ń bá sọ̀rọ̀, torí náà ó yẹ kó dárúkọ ara rẹ̀. Nínú èyí, Mọrẹ́nikẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń gbọ́. Àdùnní yóò dárúkọ ara rẹ̀ nígbà tó bá wọlé, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó tán síbẹ̀.

Sọ_Ó_Sókè

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nìyí: ìṣẹ́jú àáyá 120 péré lo ní láti fi gbogbo ohun tó wà nínú rẹ hàn. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń sú èèyàn. Jẹ́ kí Mọrẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó rántí ìyá rẹ̀, kó wá bínú, kó pariwo, kó bú sẹ́kún níparí. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ gan-an, «ó bú sẹ́kún», kó má baà di ohun tó o gbàgbé.

Àgbà_Ìtàgé

Ìyípadà gbọ́dọ̀ wà, mo gbà. Ọ̀rọ̀ tí kò yí kò tíì di eré. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí Mọrẹ́nikẹ́ fi ń wá ohun tó ń fẹ́ ló yẹ kó máa yí. Ó bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n ò mira. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n ò mira. Ó wá fẹ́ fipá gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọgbọ́n bá ti ń yí, ohùn àti ara á yí fúnra wọn.

Ẹkún ni kó o má kọ sílẹ̀. Ó lè wá, ó lè má wá. Bí o bá ti kọ ọ́ pé ó gbọ́dọ̀ wá, láti àáyá 60 lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri nínú ara rẹ, ojú rẹ á kúrò lára ẹ̀gbọ́n. A máa ń rí i. Òṣèré á ṣì máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́.

Àdùnní_Kọ̀wé

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tuntun. Mo ti fi ọkọ̀ àti ẹni tó rà á síta bí ẹ ṣe ní, sà. Mo sì fi nǹkan kan kún un: owó ilé-ẹ̀kọ́ Mọrẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi máṣínnì náà wá. Ibi tí mo bá a dé nìyí:

«Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá a dúró, ọkọ̀ ò tíì lọ. Kí lẹ sọ? Ẹ ní ẹ ti gbowó? Ẹ dá a padà fún un. Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń mi orí? Ẹ ní kí ni? Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi? Ṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ mi lẹ torí ẹ̀ ta máṣínnì ìyá wa?»

Àgbà_Ìtàgé

Ó ti di eré báyìí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ ló ti wá, ó sì dára púpọ̀, torí ó sọ ohun tí Mọrẹ́nikẹ́ ń bá jà di ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Àrùn kan ló wọlé: «Kí lẹ sọ? Ẹ ní ẹ ti gbowó?» Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ló dún. Nínú ìjà ilé gidi, kò sẹ́ni tó ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ fún un. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti wò ó sàn nìyí. Mú bébà mìíràn, kọ ìjà náà tọ̀tún-tòsì, kí ẹ̀gbọ́n ní ìlà tirẹ̀ ní kíkún. Lẹ́yìn náà, pa gbogbo ìlà ẹ̀gbọ́n rẹ́, kó o wá kà á. Ibi tí kò bá yé ni, ìdáhùn Mọrẹ́nikẹ́ ni kó o tún ṣe, má dá ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n padà.

Wò ó. Ẹ̀gbọ́n ní: «Mo ti gbowó.» Ìdáhùn: «Ẹ kà á padà fún un. Kò tíì pẹ́ tó fi máa gbàgbé iye tó san.» A ti pa ìlà ẹ̀gbọ́n rẹ́, síbẹ̀ a gbọ́ ọ.

Ti owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣòro jùyẹn lọ, torí Mọrẹ́nikẹ́ kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ rárá. Jẹ́ kí Mọrẹ́nikẹ́ fojú rí i. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n ṣí ọwọ́, ó fẹ́ gba owó náà. Ọwọ́ ṣí. Lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi gbà á wọlé wà láàárín owó. «Kí ni lẹ́tà mi ń ṣe láàárín owó?» Ìlà kan yẹn tó. Má gbé owó tàbí bébà kankan dání, ojú rẹ ló máa jẹ́ ká rí i.

Ohun kan wà tí èdè wa fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, «ẹ» ni Mọrẹ́nikẹ́ ń lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn tó rí lẹ́tà, jẹ́ kí «ẹ» já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: «Ta ló ní kí o ṣe é?» Kí òun náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun, kó yára padà sí «ẹ». O ò ní láti pariwo. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú yàrá yẹn á mọ̀ pé nǹkan ti já.

Olùkọ́_Èdè

Mo kí ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyí. Àbúrò tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í sọ «o» sí ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ, bó ti wù kí inú bí i tó. Bí àwọn tó jókòó bá jẹ́ àgbà, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni ọmọ tí kò mọ èdè, wọn ò ní gbọ́ ìbínú. Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan já, ẹ jẹ́ kó pe ẹ̀gbọ́n ní orúkọ àbísọ rẹ̀, tàbí kó dákẹ́ pátápátá.

Àgbà_Ìtàgé

Orúkọ pípè le ju «o» lọ létí tèmi, ó jọ ohun tí èèyàn ti pinnu. «O» lè ṣèèṣì bọ́. Ṣùgbọ́n ewu tẹ́ ẹ rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí Àdùnní kò bá jẹ́ ká rí i pé ó ya Mọrẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́nu, àṣìṣe èdè ni yóò jọ. Ìdí tí mo fi ní kó padà sí «ẹ» lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́_Èdè

Bó bá jẹ́ ọmọ mi, màá ní kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n Àdùnní ló máa dúró níbẹ̀.

Mo_Ti_Débẹ̀_Rí

Mo ṣe irú ìdánwò yìí, mi ò sì wọlé nígbà àkọ́kọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣe ọ̀rọ̀ mi tán, ó dùn mọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí n ṣe é bíi pé ọmọ jòjòló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì gbọdọ̀ jí i. Mi ò lè ṣe é. Ohùn kan ṣoṣo ni mo fi há a sórí, ibi tí mo ti ń gbé ohùn sókè àti ibi tí mo ti ń fà á ti wọ̀ mí lára bí orin. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, orin yẹn náà ló tún jáde, ó kàn rẹlẹ̀ ni. Mo rí i lójú obìnrin tó bi mí pé ìdánwò gan-an nìyẹn, mo sì ti gbé e jábọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo há ọ̀rọ̀ náà láìsí ohùn kankan. Mò ń fọ abọ́, mò ń kà á gbẹrẹfu. Mò ń rìn, mò ń kà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dúró lórí láìjẹ́ pé ohùn gbé e ró ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí n yí i padà lẹ́ẹ̀kejì, ó yí.

Nǹkan mìíràn: mo gbé ẹnì kejì sórí àga lápá ọ̀tún mi nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi nìkan ni wọ́n rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àdùnní_Kọ̀wé

Ibo wá ni kí n gbé ẹ̀gbọ́n sí?

Àgbà_Ìtàgé

Sáàárín àwọn tó jókòó, lókè orí wọn díẹ̀, ní gíga ẹni tó dúró. Mú ibì kan lára ògiri kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o má sì jẹ́ kó máa rìn kiri. Ẹnu ọ̀nà àti ọkọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, nítorí náà bí o bá gbọ́ ọkọ̀, ojú rẹ kò ní kúrò níwájú. Má wo ojú àwa tó jókòó. Bí o bá ń bẹ̀ mí pé kí n lọ dá ọkọ̀ dúró, mi ò lè máa kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́, ara mi kò sì ní balẹ̀.

Sọ_Ó_Sókè

Olùkọ́ tèmi ní kí a wò wọ́n lójú tààrà, pé ìyẹn ló ń fi ìgboyà hàn. Ó sì ti kọ́ àwọn tó wọlé.

Mo_Ti_Débẹ̀_Rí

Ibi tí mo lọ, kí a tó wọlé ni wọ́n ti sọ fún wa pé ká má fi wọ́n ṣe ẹnì kejì. Bí wọn ò bá sọ ọ́ fún ọ, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín wọlé. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìbéèrè yẹn.

Àdùnní_Kọ̀wé

Mo ti kọ ọ́ tán. Mo ṣe ti bébà méjì yẹn, ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúró, mo sọ ọ́ sókè, mo sì dákẹ́ níbi tó yẹ. Ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 45 ni.

«Ọkọ̀ ò tíì lọ. Mò ń gbọ́ wọn, wọ́n ṣì ń dè é. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde sí i.

Ẹ kà á padà fún un. Kò tíì pẹ́ tó fi máa gbàgbé iye tó san.

Èmi náà á tẹ̀ lé yín. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ pé èmi ni mi ò gbà, kó bínú sí mi.

Kò bà jẹ́. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, kò bà jẹ́. Bẹ́líìtì ẹ̀ ló já, mo sì ti so ó. Alaalẹ́ ni mò ń lò ó, ọwọ́ ni mo fi ń yí i kẹ́ ẹ má baà jí. Ta lẹ rò pé ó ká ìṣẹ́tí aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn?

Ẹ mú owó yẹn wá. Èmi á gbé e fún un. Ẹ mú un wá. Ẹ ṣí ọwọ́.

Kí ni lẹ́tà mi ń ṣe láàárín owó?

Ẹ̀gbọ́n mi.

Ta ló ní kí o ṣe é?

Ẹ má bínú. Ẹ má bínú. Ta ló ní kí ẹ ṣe é? Mi ò bẹ̀ yín. Mo ti sọ fún yín pé mi ò lọ mọ́. Mo fi lẹ́tà yẹn sábẹ́ ẹní, kí lẹ wá débẹ̀?

Rárá. Ẹ má fi sí mi lọ́wọ́.

Ó ti ṣíná ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, màá kàwé débi pé màá ra irú ẹ̀ mẹ́wàá fún yín.»

Mo_Ti_Débẹ̀_Rí

Ìṣẹ́tí aṣọ yẹn dá mi dúró. Mi ò mọ̀ pé ó ń rán aṣọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóru títí mo fi débẹ̀.

Ìyá_Tóbi

Ó ti yé mi báyìí, ọmọ mi. Mo kà á sókè létí Tóbi. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìlà ìkẹyìn gùn jù.

Àgbà_Ìtàgé

Tóbi gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kọ́ ni mo máa sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Mọrẹ́nikẹ́ ń fẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti ṣíná sí i, ó mọ̀ pé kò rí i gbà, ó sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ìlà ìkẹyìn wá ń tù ú nínú, ó ń tu àwa náà nínú, a ò sì béèrè ìtùnú. Gé e. Parí sí «Ó ti ṣíná ọkọ̀.» Má tẹrí ba, má rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Fetí sí ọkọ̀ náà títí tó fi máa jìnnà, bí àáyá 3, kó o tó sọ ẹ̀gbọ́n kalẹ̀, kó o padà di Àdùnní.

Àdùnní_Kọ̀wé

Mo ti gé e. Ó kù ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 40. Ti «o» àti «ẹ» yẹn, mi ò tíì mọ èyí tí màá mú. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ń bọ̀ nílé lálẹ́ yìí, ọ̀nà méjèèjì ni màá ṣe lójú rẹ̀, mi ò ní sọ ohun tí mò ń wá fún un.